Ta ló dá iye lé USDT náà? Bí àpò àjọdá ṣe ń ṣẹ́ tókìn láìsí ẹni tó ń nájà

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ìròyìn kírípítò á ti gbọ́ nípa ẹni tí owó ńlá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2025. Ó fẹ́ ṣẹ́ nǹkan bíi 220,000 USDC sí USDT lórí Uniswap. Nǹkan bíi dọ́là kọ̀ọ̀kan ni tókìn méjèèjì, nítorí náà ó yẹ kí ohun tó máa gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tó kó sílẹ̀ dọ́gba. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé díẹ̀ ló rí gbà. Látìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń béèrè irú oníṣòwò tó lè rẹ́ni jẹ báyẹn. Kò sí oníṣòwò kankan níbẹ̀. Àpò owó kan ló bá dòwò pọ̀, ìṣirò kan ṣoṣo ló sì ń darí àpò náà. Ìṣirò yẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, torí pé kò yà kúrò lórí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ rárá lọ́jọ́ náà.

Ní ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín ìdókòwò, yálà l'Ékòó tàbí ní Niu Yọ́ọ̀kì, ìwé kan wà tí ẹni tó fẹ́ rà ń kọ iye tó lè san sí, tí ẹni tó fẹ́ tà náà ń kọ iye tó fẹ́ gbà sí. Ibi tí iye méjèèjì bá ti pàdé ni ọjà ti tà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló máa ń jókòó ti ìwé náà, tí wọ́n ń yí iye wọn padà lemọ́lemọ́. Lórí Ethereum, owó ni èèyàn fi ń kọ ohunkóhun sílẹ̀, owó náà ló sì fi ń pa á rẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ máa yí iye padà níbẹ̀ bíi ti Niu Yọ́ọ̀kì, gbèsè ló máa bá lọ sílé. Lọ́dún 2016, Vitalik Buterin tó wà lára àwọn tó dá Ethereum sílẹ̀ dábàá pé kí ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa dá iye lé ọjà. Hayden Adams, ẹnjiníà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Siemens lọ́dún 2017, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ló sọ àbá náà di Uniswap lóṣù Kọkànlá ọdún 2018.

Àwọn tó ní tókìn méjì á da méjèèjì sínú àpò kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká ní ETH 10 àti USDC 20,000 ló wà nínú rẹ̀. Òfin tó de àpò náà kò gùn:

```
x × y = k
```

ETH ni x, USDC ni y. Bí a bá fi 10 sọ 20,000 di púpọ̀, 200,000 ni, ẹni tó bá sì fẹ́ mú ọ̀kan nínú tókìn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi tó ìkejì sílẹ̀ kí 200,000 yẹn má bàa dín. Ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún tún wà tí àwọn olówó àpò ń gbà lórí òwò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì ná.

Ká ní mo fẹ́ ra ETH kan. Mẹ́sàn-án ló máa kù, nítorí náà USDC gbọ́dọ̀ di 22,222. Èmi ni mo máa san 2,222 tó fi lé. Kí n tó dé, 2,000 ni ETH kan nínú àpò yìí. Rírà tí mo wá rà gan-an ló gbówó lé e. Bó bá jẹ́ márùn-ún ni mo fẹ́ rà, USDC gbọ́dọ̀ di 40,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì di 4,000 mọ́ mi lọ́wọ́. Ká tiẹ̀ ní gbogbo owó ayé wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè ra mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, torí pé kò sí iye tí a lè fi sọ òdo di púpọ̀ tó máa fún wa ní 200,000. Ṣùgbọ́n ká ní ETH 1,000 àti USDC mílíọ̀nù méjì ló wà nínú àpò, 2,002 ni ETH kan ṣoṣo máa ná mi. Nítorí náà, bí àpò ṣe jìn tó ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn wò.

Àpò náà kò mọ iye tí wọ́n ń ta ETH níbòmíràn, kò sì bìkítà. Àwọn alájàpá ló ń tún iye rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo ra ETH kan yẹn, iye rẹ̀ nínú àpò ti fò dé 2,469. Ẹni tó lè rà á ní 2,000 lọ́jà mìíràn á sáré gbé tirẹ̀ wá títí iye á fi padà sípò. Ọ̀dọ̀ àwọn olówó àpò ni èrè alájàpá yìí ti ń wá. Bí ETH bá gbówó lérí dé 8,000 níbi gbogbo, wọ́n á máa rà á nínú àpò títí á fi ku ETH 5 àti USDC 40,000, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80,000. Ká ní àwọn olówó àpò fi ETH 10 àti USDC 20,000 wọn pa mọ́ sílé ni, 100,000 ni ìbá jẹ́. Owó kékeré tí wọ́n ń gbà lórí òwò kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó dí àlàfo yìí. Nínú àpò tí iye tókìn rẹ̀ ń ta gìrì, mo fura pé kì í sábà dí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tàbí ìyáàfin 220,000. Láti ọdún 2021, nínú ẹ̀dà kẹta Uniswap, olówó àpò lè sọ pé àárín iye báyìí sí iye báyìí nìkan ni kí wọ́n ti lo owó òun. USDC àti USDT kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí ara wọn, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ dọ́là kan ni gbogbo wọn kó owó jọ sí. Níbẹ̀, àpò jìn gan-an. Bí wọ́n bá ti rà á kọjá ibẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni.

Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ayé ló lè rí òwò tó ń dúró de kí wọ́n tò ó sínú bulọ́ọ̀kù. Rọ́bọ́ọ̀tì kan rí i, ó sáré ṣáájú, ó fi USDC tirẹ̀ ra USDT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là kan tán. Nígbà tí 220,000 yẹn dé, ibi gbígbẹ ló bá ara rẹ̀. Kíá ni rọ́bọ́ọ̀tì dá USDT padà, tó sì kó USDC, tirẹ̀ àti ti ẹlẹ́ni. Sáńwíìṣì ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ṣe sọ, nǹkan bíi 200,000 dọ́là nínú rẹ̀ ló lọ sọ́wọ́ ẹni tó to bulọ́ọ̀kù, rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ kò jẹ ju 8,000 lọ.

Ohun tó ń dènà èyí wà nínú kóòdù: `amountOutMinimum`, iye tó kéré jù tí ẹni tó ń ṣẹ́ owó lè gbà. Bí àpò kò bá lè fún un ní iye yẹn, òwò á fọ́, owó ìkọ̀wé nìkan ló máa ṣòfò. Ojú ewé Uniswap máa ń fi iye kan síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ pé òwò yìí kò gba ojú ewé náà kọjá. Ẹni tó bá kọ kóòdù tirẹ̀ lè fi òdo síbẹ̀, ìtumọ̀ òdo sì ni pé ohunkóhun tí ẹ bá fún mi, mo gbà á.

Àwọn kan ní bóyá ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti fi fọ owó ìdọ̀tí, kí owó náà lè jáde lọ́dọ̀ ẹni tó to bulọ́ọ̀kù bí èrè mímọ́. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí òwò náà bá wà ní gbangba, rọ́bọ́ọ̀tì ẹlòmíràn ì bá ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, 200,000 tí wọ́n san fún ìtòlẹ́sẹẹsẹ sì jọ owó tí ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì jọ du títí ó fi wọ́n bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àìbìkítà ẹni tó fi òdo sílẹ̀ ló súnmọ́ òtítọ́ jù.