Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Tuntun Yóò Sọ Láàárọ̀

Láàárọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú máa ń fa aláìsàn lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́. Ẹni tuntun kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Oorun ń kun àwọn kan. Ká ní Bísí ni orúkọ rẹ̀:

“Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni Nọ́ọ̀sì Bísí, láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. N kò tíì dá fa ẹ̀jẹ̀ sí àgbàlagbà lára rí.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mátírọ́ọ̀nù ń fẹ́ gbọ́, kó lè fi ẹni tó mọ̀ ọ́n tì í. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá bá aláìsàn mu, òtútù, ibà tàbí ẹ̀yìn ríro lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó pín iṣẹ́.