Nígbà tí 2 : 6 bá ní ìdáhùn mẹ́ta

Ẹ wo ìbéèrè yìí dáadáa: 2 : 6 :: 5 : ? Ohun tó ń béèrè ni pé, ọ̀nà tí 2 gbà bá 6 tan, nọ́ńbà wo ni 5 bá tan ní ọ̀nà kan náà? Ọmọ kan lè kọ 15, nítorí pé 2 lọ́nà 3 ni 6. Òmíràn lè kọ 30, nítorí pé 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, bí a bá sì tún fi 2 kún un, ó di 6. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, a fi 5 kún un, ó di 30. Ọmọ kẹta lè kọ 120. Òun fi 2 lọ́po ara rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó di 8, ó yọ 2 kúrò, ó ku 6; ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí 5, ó ní 125, ó yọ 5, ó ku 120. Kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó ṣi ìṣirò ṣe. Ìbéèrè náà ni kò sọ̀rọ̀ tán.

Irú ìbéèrè yìí wà lára ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́ ní kíláàsì Kuọ́ńtítétíìfù ní Òkè-Ìlá àti àwọn àdúgbò yòókù ní Adó-Èkìtì, níléèwé àti ní lẹ́sìn ọ̀sán. Ẹ̀ka kan tó dá yàtọ̀ ni ọgbọ́n nọ́ńbà jẹ́ nínú ìdánwò Kọ́mọ̀n Ẹ́ńtíránsì tí àjọ NECO ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ iléèwé ìjọba àpapọ̀, irú èyí tó wà ní Ìkọ́lé-Èkìtì àti ti àwọn ọmọbìnrin ní Ẹfọ̀n-Aláayè. Àwọn olùkọ́ sì máa ń ṣe tiwọn fún ìdánwò ìparí táàmù. Níbi tí a ti ń kọ ìbéèrè fúnra ẹni yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

Nọ́ńbà 2 ló kọ́kọ́ ń fa ìdàrúdàpọ̀. Bí a bá fi 2 lọ́po ara rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní síkúéà, ó di 4. Bí a bá fi 2 kún 2, 4 náà ni. Bí a bá sọ 2 di ìlọ́po méjì, 4 ni yóò ṣì jẹ́. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló parí síbì kan ṣoṣo, ẹni tó ń wo 2 : 4 kò sì lè mọ èyí tí a ṣe níbẹ̀. Nọ́ńbà 1 tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé síkúéà rẹ̀ jẹ́ 1, kúùbù rẹ̀, ìyẹn 1 lọ́nà 1 lọ́nà 1, náà jẹ́ 1.

Bí a bá gbé 3 wá, òfin wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà. Síkúéà 3 pẹ̀lú 3 jẹ́ 12. Kúùbù 3, tí a yọ 3 kúrò nínú rẹ̀, jẹ́ 24. Nítorí náà 3 : 24 sàn ju 2 : 6 lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì kù, torí pé 3 lọ́nà 8 náà ni 24. Bí a bá tún fi 4 : 60 tì í, òfin ìlọ́po 8 ṣubú lójú ẹsẹ̀, nítorí pé 4 lọ́nà 8 kò ju 32 lọ. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé kúùbù 4 jẹ́ 64 á rí i pé 60 fi 4 dín sí i. Tí wọ́n bá wá bi í nípa 7, á lọ sí 343, á yọ 7, á kọ 336. Ó sì lè yẹ ara rẹ̀ wò: kúùbù nọ́ńbà tí a yọ nọ́ńbà náà kúrò nínú rẹ̀ máa ń bá nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ léra mu, tí a bá fi wọ́n lọ́po ara wọn. 2 × 3 × 4 jẹ́ 24, 3 × 4 × 5 jẹ́ 60, 6 × 7 × 8 sì jẹ́ 336. Bí ohun tó kọ kò bá bá èyí mu, ó ti ṣì í níbì kan.

Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fara balẹ̀ wo èyí tó kàn, torí pé ó máa ń tan àgbà pàápàá. Ẹ wo 84 : 12 àti 63 : 9. Ẹni tó bá ro àwọn ẹyọ nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀ á sọ pé 8 àti 4 jẹ́ 12, 6 àti 3 jẹ́ 9, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹlòmíràn á fi 7 pín in: 84 pín sí 7 jẹ́ 12, 63 pín sí 7 jẹ́ 9. Àpẹẹrẹ méjì ni a fún wọn, síbẹ̀ òfin méjèèjì dúró. Ẹ fi 42 : 6 kún un, kò yí padà. Ẹ fi 21 : 3 kún un, bákan náà ni. Ohun tó fà á ni pé nínú nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹyọ tó wà níwájú jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà lẹ́yìn. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ méjì èyíkéyìí tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlọ́po 7 àròpọ̀ àwọn ẹyọ rẹ̀ ni yóò jẹ́, àwọn mẹ́rin yìí nìkan ló sì rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó bá ṣa àpẹẹrẹ rẹ̀ láti inú wọn, tó wá béèrè 56, á rí ọmọ tó kọ 11 àti ọmọ tó kọ 8, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fa igi lé tẹnikẹ́ni. Bí ó bá fẹ́ àròpọ̀ ẹyọ, kí ó fi 35 : 8 sínú àpẹẹrẹ, torí pé 35 pín sí 7 jẹ́ 5.

Bákan náà ni 23 : 13. Síkúéà 2 jẹ́ 4, síkúéà 3 jẹ́ 9, àròpọ̀ wọn jẹ́ 13. Ṣùgbọ́n 23 tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀ náà jẹ́ 13. Tí 41 : 17 bá tẹ̀ lé e, yíyọ 10 kò lè dúró mọ́.

Àmọ́ o, kò sí iye àpẹẹrẹ tó lè ti ilẹ̀kùn náà pátápátá. Ẹ gbà pé a fún wa ní 1 : 1, 2 : 4 àti 3 : 9, wọ́n wá béèrè 4. Gbogbo ènìyàn á kọ 16. Ẹni tó bá gbọ́n nínú ìṣirò lè kọ 22, kí ó sọ pé òfin òun ni síkúéà nọ́ńbà náà, tí a fi (n − 1)(n − 2)(n − 3) kún. Ní 1, 2 àti 3, àfikún yẹn jẹ́ òdo, òfin rẹ̀ bá àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu láìyẹ̀. Ní 4, ó jẹ́ 3 × 2 × 1, ìyẹn 6. Ìdí nìyí tí ìdánwò bẹ́ẹ̀ fi dúró lórí àdéhùn tí wọn kì í sábà kọ sílẹ̀: òfin tó rọrùn jù lọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú. Ìṣòro 2 : 6 ni pé òfin rírọrùn tó wà nídìí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ọmọ tó bá bá irú rẹ̀ pàdé nínú ìdánwò tí a tò A, B, D, E sí kò ní láti dúró sórí òfin àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn. Kí ó wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀. Tí 15 àti 120 kò bá sí níbẹ̀, tí 30 wà, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà níbẹ̀, ẹni tó kọ ìbéèrè náà ló jẹ̀bi.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ òfin síkúéà pẹ̀lú nọ́ńbà náà kò sì gbọ́dọ̀ fi 3 : 12 àti 4 : 20 béèrè 5. Ọmọ á rí i pé 12 di 20 nípa fífi 8 kún un, á tún fi 8 kún 20, á kọ 28, ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Kí ó fi nọ́ńbà jìnnà síra: 3 : 12, 7 : 56 :: 10 : ? Ibẹ̀ ni 3 × 4 àti 7 × 8 ti ń hàn kedere, tí 10 × 11 sì ń fúnni ní 110.