Eré Ọkọ̀ láti Adó dé Ìkọ̀lé: Ìdáhùn Wo Ni Ó Tọ̀nà?

Ìpíndọ́gba eré ni iye kìlómítà tí ọkọ̀ ń rìn ní wákàtí kan bí a bá ka gbogbo ìrìn àjò sí ọ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà pé bí ìrìn àjò bá ní abala méjì, kí a ro eré méjèèjì pọ̀ kí a sì dá a sí méjì ni gbogbo iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀nà Adó-Èkìtì sí Ìkọ̀lé tó láti fi yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò. Ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní Ajílosùn yóò kọ́kọ́ la ìgboro Adó já, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í ti í jẹ́ kí ó sáré, yóò kọjá lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì kí ó tó kan Ìwòròkò, lẹ́yìn náà ni yóò wá gba Ìfàkì àti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé. Kí ìṣirò lè rọrùn, a ó gbà pé abala kìíní, láti Ajílosùn dé Ìwòròkò, jẹ́ kìlómítà 12, tí ọkọ̀ sì ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan, àti pé abala kejì jẹ́ kìlómítà 30, tí eré rẹ̀ sì jẹ́ 60.

Ìdáhùn mẹ́ta ni ó máa ń jáde. Ẹni tí ó ro 20 pọ̀ mọ́ 60 tí ó sì dá a sí méjì yóò rí 40. Ẹni tí ó rò pé abala tí ó gùn jù ni ó yẹ kí ó ní ipa jù yóò fi 12 sọ 20 di púpọ̀, yóò fi 30 sọ 60 di púpọ̀, yóò pín àpapọ̀ wọn sí 42, yóò sì rí 48.6. Ẹni kẹta yóò wá àkókò: kìlómítà 12 gba ìṣẹ́jú 36, kìlómítà 30 gba ìṣẹ́jú 30, àpapọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 66, ìyẹn wákàtí 1.1, bí ó bá pín 42 sí 1.1, yóò rí 38.2.

Gbogbo wọn ni ó wà láàárín 20 àti 60, nítorí náà ìyẹ̀wò tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń kọ́ni, pé ìdáhùn kò gbọdọ̀ kéré ju eré tí ó kéré jù tàbí kí ó pọ̀ ju èyí tí ó pọ̀ jù, kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbéèrè tí ó ń yà wọ́n ni pé abala wo ni ó gba àkókò jù. Ìgboro Adó ni, ìṣẹ́jú 36 sí 30, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ sún mọ́ 20 ju bí ó ti sún mọ́ 60 lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò lè tó 40. Bí 40 àti 48.6 ṣe ṣubú nìyẹn, láìtíì ṣe ìṣirò kankan parí.

Àṣìṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló fani mọ́ra jù, torí pé ó dà bí ọgbọ́n. Ohun tí ó tú u fó ni pé kí ọkọ̀ dúró ní Ìfàkì fún ìṣẹ́jú 10 láti gbé èrò. Jíjìn ibi ìdúró yẹn jẹ́ òfo, nítorí náà ẹni tí ó ń fi jíjìn díwọ̀n ipa abala kọ̀ọ̀kan kò ní rí i rárá, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì wà ní 48.6 síbẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ kò dúró. Àmọ́ 42 tí a pín sí ìṣẹ́jú 76 yóò fún wa ní 33.2. Àkókò ni òṣùwọ̀n tí ó tọ́. Jíjìn máa ń bá a ṣe déédéé kìkì nígbà tí eré abala méjèèjì bá jẹ́ ọgbọọgba, nígbà náà kò sì sí ohun tí a ń pín mọ́. (Ó yẹ kí ẹni tí ó ń ṣètò ìbéèrè sọ bóyá òun ka ìdúró mọ́ ọn.)

Àṣìṣe kan wà tí ìyẹ̀wò òkè yìí kò lè mú. Ẹlòmíràn yóò kọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 6 ní 1.06 dípò 1.1, yóò sì rí 39.6, tí kò tó 40, tí ó sì jọ òtítọ́. Kí a mú un padà sójú ọ̀nà ni ó ń tú u: ní wákàtí kan, ọkọ̀ yóò rin 39.6, ìṣẹ́jú 6 tó kù yóò sì fi bíi kìlómítà 4 kún un, èyí tí yóò gbé e kọjá Ìkọ̀lé ní nǹkan bíi kìlómítà kan àti ààbọ̀.

Bí awakọ̀ kan bá sì pinnu ní Ìwòròkò pé òun yóò sáré títí ìpíndọ́gba eré òun láti Ajílosùn yóò fi jẹ́ 60, ìṣẹ́jú 42 péré ni gbogbo ìrìn àjò náà gbọ́dọ̀ gbà, ó sì ti lo 36 nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 6 ni ó kù fún kìlómítà 30, èyí tí ó ń béèrè eré 300 kìlómítà ní wákàtí kan, kò sì sí ọkọ̀ èrò tí ó lè sá a.