Ìpàdé Tíṣà Ti Parí: Ta Ló Máa Ṣe Kí Ni?

Tí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ìpàdé àwọn tíṣà kì í pẹ́ wáyé. Wọ́n á gbàdúrà, pírínsípà á kí gbogbo wọn káàbọ̀, wọ́n á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé: táímù-tébù kò tíì jáde, rẹ́jísítà kò tíì délẹ̀, kò sí tíṣà Físíìsì, ta ló máa wà lẹ́nu iṣẹ́ àbójútó lọ́sẹ̀ yìí? Wọ́n á fẹnu kò, wọ́n á ṣe oore-ọ̀fẹ́, wọ́n á sì túká. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Ọ̀lẹ kọ́ ló máa ń fà á. Ohun tó máa ń fà á ni pé ẹni tó kọ ìpinnu sílẹ̀ kò kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe é.

Ìwé méjì ló yẹ kó jáde lẹ́yìn irú ìpàdé yìí, iṣẹ́ wọn kò sì pa pọ̀. Èkíní ni àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ̀rí ni ìyẹn, ó sì wà lára ìwé tí ìsípẹ́kítọ̀ lè béèrè nígbà tó bá wá wo ilé-ìwé, bó ṣe máa béèrè rẹ́jísítà àti ìwé tí àwọn tíṣà fi ń kọ àkókò tí wọ́n dé. Ọjọ́, ibi ìpàdé, aago tí a bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wá, ẹni tó tọrọ àyè, ẹni tó dábàá pé ká gba àkọsílẹ̀ tó kọjá wọlé àti ẹni tó kín in lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí akọ̀wé àti alága tó fọwọ́ sí i. Èkejì ni àtòjọ iṣẹ́. Ojú ìwé kan péré tó fún un. Kò sí àdúrà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìkíni. Ohun tí a máa ṣe, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, àti ohun tí a máa rí tí a fi máa mọ̀ pé ó ti parí: ìwọ̀nba rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà yẹ̀ wò ní ilé-ìwé girama kan. Ìpàdé wáyé lọ́jọ́ Ajé. Akọ̀wé kọ báyìí: “A gbà pé kí àwọn tíṣà kíláàsì tètè ṣe rẹ́jísítà.” Gbólóhùn náà dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. “Tètè” kì í ṣe ọjọ́. “Àwọn tíṣà kíláàsì” kì í ṣe ẹnì kan, ewúrẹ́ àjọní sì rèé, ebi ní í pa á. Èyí tó burú jù níbẹ̀ kò tilẹ̀ hàn sójú: tíṣà kíláàsì kìíní kò lè kọ orúkọ kankan sínú rẹ́jísítà, nítorí pé orúkọ àwọn ọmọ tuntun ṣì wà ní ọ́fíìsì igbákejì pírínsípà, kò sì tíì pín wọn sí kíláàsì. Ìwé rẹ́jísítà fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, tí a bá bi tíṣà kíláàsì léèrè, á ní òun ń dúró de orúkọ. Igbákejì náà á ní kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

Akọ̀wé tó mọṣẹ́ máa ń béèrè ìbéèrè kan kí ìpàdé tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà: “Kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí?” Bó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, ìlà kan á di mẹ́ta. (Orúkọ ènìyàn ló yẹ kó wà níbi tí mo kọ ipò sí.)

Igbákejì pírínsípà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́: yóò pín àwọn ọmọ tuntun sí kíláàsì A, B àti C, yóò sì fún àwọn tíṣà wọn ní orúkọ. Ọjọ́rú, aago 12 ọ̀sán.

Ẹni tó ń tọ́jú ìwé ilé-ìwé: yóò fún tíṣà kọ̀ọ̀kan ní rẹ́jísítà kan, tíṣà náà yóò sì fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á. Ọjọ́rú kan náà.

Tíṣà A, tíṣà B, tíṣà C, kí a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: yóò kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú rẹ́jísítà, yóò sì gbé e wá fún igbákejì pírínsípà kó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì, kí a tó jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní sí àríyànjiyàn. Bóyá rẹ́jísítà mẹ́ta wà lórí tábìlì, bóyá kò sí. Bí ọ̀kan kò bá sí, a mọ ẹni tí a máa bi.

Ọ̀rọ̀ tíṣà Físíìsì yàtọ̀. Àkọsílẹ̀ á máa sọ ní táàmù dé táàmù pé “kí a wá tíṣà Físíìsì.” Ní ilé-ìwé ìjọba, pírínsípà kọ́ ló ń gba tíṣà síṣẹ́, nítorí náà iṣẹ́ yẹn kò lè parí lábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wọn ni lẹ́tà. Kí wọ́n kọ pé pírínsípà yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àjọ tó ń gba tíṣà síṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, yóò sì fi ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí pamọ́ sínú fáìlì. Kí wọ́n tún kọ pé tíṣà Ìṣirò kan, tí a dárúkọ, yóò máa gba pírẹ́ọ̀dù méjì nínú Físíìsì títí di ìsinmi àárín táàmù. Àtòjọ tó bá ń ṣèlérí ohun tí apá kò ká máa ń sọ àwọn yòókù náà di ohun tí ènìyàn kò kà sí.

Kí ni kò yẹ kí a kọ? Ìjà ni. Bí tíṣà méjì bá takora lórí iṣẹ́ àbójútó, àkọsílẹ̀ kò nílò ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bú ara wọn. Ìpinnu àti ìdí rẹ̀ ti tó: ẹni tó ń gba pírẹ́ọ̀dù 24 lọ́sẹ̀ kò ní ṣe àbójútó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn, ẹ kọ ọ́. Bí àṣìṣe bá wọ inú àkọsílẹ̀ ńkọ́? A kì í fa ojú ìwé ya. Ìlà kan la máa fà gba orí àṣìṣe náà, kó ṣì ṣeé kà, a ó kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, alága a sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí àtòjọ iṣẹ́ ti ń kú jù ni ìpàdé kejì, níbi “àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹyọ látinú àkọsílẹ̀.” Alága á béèrè bóyá àtúnṣe wà, ẹnì kan á tọ́ka sí orúkọ tí wọ́n ṣì kọ, wọ́n á kọjá. Lójú tèmi, àtòjọ ló yẹ kí a kọ́kọ́ mú jáde níbẹ̀, kí a kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ni ín dáhùn: ó ti parí, kò tíì parí, tàbí nǹkan kan dí i lọ́wọ́. Èyí tó bá sún sí táàmù kejì lẹ́ẹ̀mejì, kí a béèrè bóyá a ṣì fẹ́ ṣe é ní tòótọ́. Bí a kò bá fẹ́ mọ́, ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin pírínsípà, kí ẹ tó pe ẹni tó máa ṣe àdúrà ìparí, ẹ fún akọ̀wé ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó ka ìpinnu àti orúkọ sókè sétí gbogbo yín. Kí ó sì fi àtòjọ náà sórí Wásáàpù àwọn tíṣà lọ́jọ́ náà gan-an, kó tún lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri yàrá àwọn tíṣà. Àkọsílẹ̀ gígùn lè dé lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.