Ìdánwò Ìfaradà Ara fún Àwọn Ọ̀dọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ilẹ̀ olókè ni Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sáré gun òkè, èsì rẹ̀ kò ní fi ìfaradà ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró nìkan hàn. Sísáré lọ-bọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú tó gùn ní mítà 20 ló yẹ: ìró ni ó ń darí eré, láti kìlómítà 8.5 ní wákàtí, a ó sì máa fi 0.5 kún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ìbàlágà àwọn ọmọ ọdún 14 kò dọ́gba. Nítorí náà, títò wọ́n sí ipò kò tọ̀nà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sáré ìgbà 18 ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó di 25 ní ìparí, ìlọsíwájú 7 ni kí olùkọ́ kọ sí káàdì rẹ̀, kí ó má sì kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.