Nígbà Tí Alábàáṣòwò Bá Gba Ju Owó Rẹ̀ Lọ
Ká ní èèyàn mẹ́ta jọ ni ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Nínú ìwé, àgbà wọn ní mílíọ̀nù 4 náírà, àwọn méjì yòókù ní mílíọ̀nù 3 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àgbà fẹ̀yìn tì, wọ́n ka mílíọ̀nù 5 fún un látinú àpò ilé-iṣẹ́, nítorí ẹ̀rọ wọn ti gbówó lórí ju iye inú ìwé lọ.

Ta ni yóò ru mílíọ̀nù 1 tó lé? Kì í ṣe ìnáwó ọjà. Àwọn tó kù ni, bí wọ́n ṣe ń pín èrè. Bó bá jẹ́ mẹ́ta sí méjì, a ó yọ 600,000 lára owó ẹnì kan, 400,000 lára ti èkejì. Ó ku mílíọ̀nù 2.4 àti 2.6: mílíọ̀nù 5 géérégé, bí a ṣe yọ 5 nínú 10.