Bí Iwájú Orí àti Imú Kò Ṣe Ní Dán Jù Nínú Fọ́tò

Ìyàwó ti jó, òógùn ti bò ó. Ayàwòrán tan fìláàṣì orí kámẹ́rà sí i lójú tààrà, àmì funfun sì yọ níwájú orí àti lórí imú rẹ̀. Òróró ara àti òógùn ń ṣiṣẹ́ bíi dígí: iná fìláàṣì fúnra rẹ̀ la ń rí níbẹ̀. Lára awọ dúdú, ó máa ń hàn gan-an.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán á dín agbára fìláàṣì kù, àmọ́ gbogbo ojú nìyẹn máa mú ṣókùnkùn. Iná tó kéré ló ń fa àmì tó mú bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí iná fẹ̀. Bí àjà gbọ̀ngàn bá funfun tí kò sì ga jù, ẹ kọ orí fìláàṣì sókè, kí ìmọ́lẹ̀ ti àjà bọ̀ wá sójú rẹ̀. Dídán náà á tàn kálẹ̀, á sì rọ̀. Lábẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù, ẹ má ṣe é o, ojú ìyàwó á di búlúù.

Kí ẹ tó yà á, ẹ fi tíṣù tẹ ibi tó ń dán. Ẹ má nù ún, kí àtíkè má baà ṣí. Ẹ wá fi àtíkè díẹ̀ tó bá awọ rẹ̀ mu lé e.

Ẹ fẹ fọ́tò àkọ́kọ́ tóbi lójú kámẹ́rà. Bí ibẹ̀ bá funfun báláú tí ẹ kò rí awọ mọ́, ẹ tún un yà, torí kọ̀ǹpútà kò lè mú ohun tí kámẹ́rà kò gbà padà wá.